Iye Tó Wà Lọ́kàn, Tí Ẹnu Kò Gbọdọ̀ Sọ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ wọ ìpàdé l'Ábùjá, wọ́n ní ₦615,000 ni kí owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ní ₦48,000 ni òun lè san. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ aládàáni fi díẹ̀ lé e, wọ́n pe tiwọn ní ₦54,000. Àwọn òṣìṣẹ́ bínú jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ ìròyìn yìí lórí rédíò ló rò pé eré ni wọ́n ń ṣe, pé báwo ni ẹni tó dúró sí ₦615,000 àti ẹni tó dúró sí ₦48,000 yóò ṣe pàdé lọ́nà.

Wọ́n kúkú pàdé. Ìjọba kúrò ní ₦48,000, ó bọ́ sí ₦54,000, ó di ₦57,000, ó di ₦60,000. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ₦497,000, lẹ́yìn náà ₦494,000. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, iná mànàmáná kú jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá a dúró. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìjọba ti dé ₦62,000, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti já wálẹ̀ sí ₦250,000. Ní oṣù keje wọ́n fẹnu kò sí ₦70,000, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìdúnàádúrà kì í wo iye owó nìkan, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ló máa ń wò. Ìjọba fi ₦6,000 kún un, ó fi ₦3,000 kún un, ó tún fi ₦3,000, lẹ́yìn náà ₦2,000 péré. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń kúrú báyìí ń wí fún ẹni tó wà ní ìdojúkọ rẹ̀ pé ògiri kò jìnnà mọ́. Ti àwọn òṣìṣẹ́ yàtọ̀. Wọ́n sọ̀ ní ₦118,000, wọ́n sọ̀ ní ₦3,000, ló bá di ₦244,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ìjákulẹ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà wọ́n lọ́wọ́ jẹ́. Bí o bá lè fi ìdajì iye tí o pè sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yóò gbà pé ìdajì tó kù náà kò ní egungun.

Ti owó oṣù tó kéré jù lọ ní àrà tirẹ̀, nítorí ìhà mẹ́ta ló ń jókòó síbẹ̀, òfin ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́ rọrùn láti lóye ju ìyẹn lọ: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níhà kan, agbanisíṣẹ́ wà níhà kejì, wọ́n sì fẹ́ fẹnu kò lórí owó àti ipò iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí oníkálukú máa lọ bẹ ọ̀gá nínú ọ́fíìsì. Ní àwọn iṣẹ́ bí ìhunṣọ àti oúnjẹ òun ohun mímu, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ni wọ́n ń jọ jókòó fún gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn. Níbòmíràn, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Èyí ni ìdúnàádúrà tí mo fẹ́ tú palẹ̀, mo sì fẹ́ fi àkókò tó pọ̀ jù sórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sí tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà tó ń ṣe ike àti ọ̀rá. Òṣìṣẹ́ 200 ló wà níbẹ̀. Bí a bá pín owó oṣù wọn dọ́gba, ₦120,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ yóò parí ní ìparí ọdún, tuntun yóò sì gba ọdún méjì. Ilé iṣẹ́ yìí kò sí níbì kankan, èmi ni mo dá a sílẹ̀ kí ìṣirò lè yé wa.

Ẹgbẹ́ máa ń kọ́kọ́ pe ìpàdé gbogbogbò. Níbẹ̀ ni kálukú yóò ti sọ ohun tó ń dùn ún: owó ọkọ̀, owó ilé ìwòsàn, ọ̀gá tó ń ti ènìyàn sí iṣẹ́ òru láìsọ tẹ́lẹ̀, bàtà ààbò tó ti ya. Gbogbo rẹ̀ ni akọ̀wé máa ń kọ sílẹ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá bí wọ́n ṣe kó o jọ. Wọ́n máa ń yà á sọ́tọ̀: èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè torí rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n lè fi gba nǹkan mìíràn, àti èyí tí kò ju kí ọ̀gá kan bá mẹkáníìkì tàbí sítọ́ọ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Bàtà ààbò kì í ṣe ohun tí à ń fi owó oṣù dúnàá sí rárá. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni, ọjọ́ tí ó bá ya ló yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni owó kàn. Iye mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ yóò wá, ìdí tí wọ́n sì fi wá ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra wọn.

Àkọ́kọ́ ni iye tí wọ́n ní lọ́kàn láti gbà bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Wọ́n lọ sí ọjà, wọ́n ka owó ọkọ̀ láti Sàngó, wọ́n wo owó ilé, wọ́n sì rí i pé ohun tí ₦120,000 ń rà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àtijọ́, ₦150,000 ló ń rà á báyìí. Nítorí náà ₦30,000 ni àfojúsùn. Èkejì ni iye tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ládùúgbò tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń san ₦170,000, ìyẹn ni wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ₦50,000. Iye ìbẹ̀rẹ̀ lè ga, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tí ènìyàn lè nawọ́ sí. Ohun tó ṣàìsí nínú ₦494,000 nìyẹn, ó kéré tán lójú àwọn tó ń gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni gbèdéke, ìyẹn iye tó jẹ́ pé bí ó bá dín ní kọ́bọ̀ kan, wọn kò ní gbà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní, “A kò gbọdọ̀ gbà ju ₦25,000 wálẹ̀,” láìsí ìṣirò kankan. Bí inú ṣe ń bí wọn tó ni wọ́n fi wọn gbèdéke náà. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bí gbèdéke: bí a kò bá fẹnu kò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa, èló sì ni ohun náà tọ́?

Ká sọ pé ìyanṣẹ́lódì ni. Òfin tó de aáwọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó bá yan iṣẹ́ lódì kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì láìṣiṣẹ́ yóò gba nǹkan bí ₦60,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ rò ó pé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ gbà láti fi ₦26,000 kún owó. Ní oṣù 24, ìyẹn jẹ́ ₦624,000. Yọ ₦60,000 tí wọ́n pàdánù, ó ku ₦564,000. Pín in sí oṣù 24, ó jẹ́ ₦23,500 lóṣù. Ìyanṣẹ́lódì sì lè kùnà, àwọn kan lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Wọ́n bá dín díẹ̀ kù nítorí ewu yẹn, wọ́n ní ₦22,000 ni gbèdéke àwọn. Ẹni tí wọ́n bá fi ₦23,000 lọ̀, tó kọ̀ ọ́, tó lọ dá iṣẹ́ dúró, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá náà ń ṣe ìṣirò tiwọn nínú ọ́fíìsì, ìṣirò náà sì máa ń ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu bí wọ́n bá rí i. Owó tí a fi kún owó oṣù kì í dá wá. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi 10% lé e fún owó ìfẹ̀yìntì, 1% fún àjọ tó ń bójú tó ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àti 1% fún àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, ₦1,000 lóṣù fún òṣìṣẹ́ 200, fún ọdún méjì, kò jẹ́ ₦4.8 mílíọ̀nù mọ́, ó ti di nǹkan bí ₦5.4 mílíọ̀nù. Akọ̀wé owó máa ń kọ iye yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó ń fi sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnu bá ń yára.

Ilé iṣẹ́ yìí mọ̀ pé òun lè gbé ₦20,000 láìsí pé ó yá owó. Ó fẹ́ kí ó parí sí ₦18,000 bí ó bá ṣeé ṣe, ó sì pinnu láti fi ₦10,000 bẹ̀rẹ̀. Gbèdéke tirẹ̀ ńkọ́? Òun náà gbọ́dọ̀ wo ohun tí ìyanṣẹ́lódì yóò jẹ. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ilé iṣẹ́ ń pàdánù ₦4 mílíọ̀nù lójúmọ́ lẹ́yìn owó ohun èlò àti iná. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ₦40 mílíọ̀nù. Yọ ₦12 mílíọ̀nù owó oṣù tí kò ní san, ó ku ₦28 mílíọ̀nù. Bí ₦1,000 bá jẹ́ ₦5.4 mílíọ̀nù, a jẹ́ pé kí iṣẹ́ má dúró tọ́ tó nǹkan bí ₦5,200 lórí òṣìṣẹ́ kan. Fi ìbẹ̀rù pé oníbàárà ńlá kan lè lọ ra ike níbòmíràn kún un, ₦26,000 ni àwọn ọ̀gá pe gbèdéke wọn.

Òṣìṣẹ́ kò ní gbà tí kò bá tó ₦22,000. Ilé iṣẹ́ kò ní ré kọjá ₦26,000. Àárín méjèèjì yìí ni ilé àdéhùn wà, kò sì sí ẹni tó rí i nínú àwọn méjèèjì, nítorí gbèdéke ara rẹ̀ nìkan ni kálukú mọ̀.

Wàyí o, wo ohun tí ọgbọ́n kékeré kan lè ṣe. Oṣù méjì ṣáájú ìpàdé, maneja sọ pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ àfikún, kí wọ́n kó ọjà tí wọn yóò tà fún ọ̀sẹ̀ méjì pamọ́ sí sítọ́ọ̀. Inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn, owó àfikún ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí sítọ́ọ̀ bá kún, ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ mẹ́wàá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dun ilé iṣẹ́ mọ́. Ọjà ń jáde, owó oṣù kò sì jáde. Gbèdéke àwọn ọ̀gá yóò yọ̀ padà sí ₦20,000. Ti òṣìṣẹ́ ṣì wà ní ₦22,000. Àárín ti ṣófo, kò síbi tí wọn yóò ti pàdé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tíì sọ̀rọ̀ kan. Ìdí nìyí tí àgbà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti ọmọ sítọ́ọ̀ iye ọjà tó wà nílẹ̀ kí ó tó fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́. Iṣẹ́ àfikún tó dé lójijì nígbà tí àdéhùn ń parí lọ kì í sábàá jẹ́ ti oníbàárà.

Kò sì sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó lè kàn dédé dá iṣẹ́ dúró. Òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀nà tó wà nínú àdéhùn wọn yanjú rẹ̀, kí wọ́n wá onílàjà, bí kò bá yanjú kí ó dé ọ̀dọ̀ mínísítà tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, láti ibẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ìlàjà, kí ó tó dé ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́. Òfin kan náà tún de agbanisíṣẹ́: bí òun bá ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ nítorí aáwọ̀, owó oṣù wọn ń kà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò rántí èyí títí lọ́yà wọn yóò fi sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ ìpàdé, bí ẹni ń ná ọjà ló máa ń rí, àfi pé ẹni tó ń ná ọjà lè rìn lọ sí ìsọ̀ kejì, àwọn wọ̀nyí yóò sì jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Òṣìṣẹ́ pe ₦50,000, ọ̀gá pe ₦10,000. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti di ₦42,000 sí ₦14,000. Wọ́n jáde, wọ́n jẹun, wọ́n padà: ₦36,000 sí ₦17,000. Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í le.

“Alága, mo ti bá yín dé ibi tí mo lè dé. Kò sówó.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Bí kò bá sówó ni, kí ẹ jẹ́ kí àwa náà rí ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá. Bí a bá rí i, a ó lè ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn wa.”

Èyí ni ìdí tí ọ̀gá tó gbọ́n kì í fi í sọ pé kò sówó bí kò bá ṣe tán láti ṣí ìwé. Kí ó sọ pé òun kò fẹ́ fi owó tí òun fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun san owó oṣù. Ìyẹn ni a lè jiyàn lé lórí láìpe ara wa ní onírọ́.

Níhà ti àwọn òṣìṣẹ́, àṣìṣe tó burú jù ni kí alága ti lọ dúró níwájú ìpàdé gbogbogbò kí ó búra pé àwọn kò ní gba ohun tó dín ní ₦40,000. Ọjọ́ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni ₦40,000 ti di gbèdéke, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò wí pé ₦22,000 ni. Bí ó bá wá mú ₦24,000 wálé, wọn yóò ní ó ti jẹ rìbá. Ohun tó tọ́ kí ìpàdé mọ̀ ni iye ìbẹ̀rẹ̀ àti àwọn ìdí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni kí ó gba àṣẹ láti dúnàá. Gbèdéke kò gbọdọ̀ kọjá etí ènìyàn mélòó kan, nítorí bí ó bá jò dé ọ́fíìsì maneja, ibẹ̀ náà ni ìdúnàádúrà yóò parí sí.

Nígbà tó di ₦30,000 sí ₦20,000, ọ̀gá mú àbá mìíràn wá. Ó ní òun yóò fún wọn ní ₦24,000, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì: ₦18,000 láti oṣù kìn-ín-ní, ₦6,000 tó kù láti oṣù keje. Ilé iṣẹ́ yóò fi bẹ́ẹ̀ pa ₦7.2 mílíọ̀nù mọ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Alága ní kí wọ́n fún àwọn ní ààyè díẹ̀. Wọ́n bọ́ síta, akọ̀wé yọ ẹ̀rọ ìṣirò jáde. ₦18,000 fún oṣù 24 jẹ́ ₦432,000. ₦6,000 fún oṣù 18 jẹ́ ₦108,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦540,000, tó túmọ̀ sí ₦22,500 lóṣù. Ó lé ní gbèdéke. Wọ́n lè gbà á.

Ká ní ọ̀gá ti sọ pé kí ₦6,000 yẹn dúró di oṣù kìn-ín-ní ọdún kejì ni, ₦24,000 náà ni wọn yóò ṣì máa pè é, ìwé ìròyìn yóò gbé e bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ₦21,000 lóṣù ni ohun tí yóò wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ó ti wọ abẹ́ gbèdéke láìsí ẹni tó mọ̀. Ọjọ́ tí owó yóò bẹ̀rẹ̀ jẹ́ owó fúnra rẹ̀. Bákan náà ni iye ọdún tí àdéhùn yóò fi wà. Ní 2024, lójú tèmi, èrè tó dára jù tí àwọn òṣìṣẹ́ mú kúrò l'Ábùjá kì í ṣe ₦8,000 tó wà láàárín ₦62,000 àti ₦70,000. Òfin tó wà tẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n máa tún owó náà yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Tuntun sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta.

Ohun kan sì tẹ̀ lé àdéhùn yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí owó bẹntiróòlù ti fò sókè, NLC kéde pé ìjọba ti da àwọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń bá Ààrẹ sọ̀rọ̀, ara ìdí tí àwọn fi gba ₦70,000 ni pé owó bẹntiróòlù kò ní lọ sókè. Ẹnu lásán ni. Kò sí nínú òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lára ohun tó mú gbèdéke rẹ wálẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí o fọwọ́ sí.

Ní Ọ̀tà tiwa, gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni akọ̀wé ìhà méjèèjì ń kọ, tí wọ́n sì ń fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kò sí èyí tó dájú títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí. Wọ́n kọ ọ́ pé orí owó oṣù gan-an ni ₦24,000 yóò gùn, kì í ṣe orí owó ọkọ̀, nítorí orí owó oṣù ni wọ́n ti ń ṣírò owó iṣẹ́ àfikún. Wọ́n kọ ọjọ́ méjèèjì tí owó yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé bí ìwé bá pẹ́ kí ó tó jáde, ilé iṣẹ́ yóò san ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìfọwọ́síwèé, ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì mínísítà láàárín ọjọ́ 14. Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn adájọ́ wa máa ń sọ pé irú àdéhùn yìí kò de agbanisíṣẹ́ àyàfi bí ó bá wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà, ti ọdún 2010, fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní agbára láti túmọ̀ àdéhùn bẹ́ẹ̀ àti láti mú un ṣẹ, nǹkan sì ti rọrùn díẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò ní kí gbólóhùn kan wọ inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ olúkúlùkù, pé àdéhùn ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ jẹ́ ara rẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀ka ni yóò lọ bá ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ lórí èyí, kí oṣù kìn-ín-ní tó wọlé.